Ajá Tí Kò Ní Egungun

Ọ̀sán gangan ni ajá mẹ́fà dúró sínú afẹ́fẹ́ tí wọn ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n ti já jáde nínú àpótí, wọ́n ti sá dé ibi tí ọ̀nà ti fẹ́ yí kọ́nà, ni àwòrán bá gan lójú tẹlifíṣọ̀n. Ajá kẹrin, aláṣọ dúdú, gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè. Eruku tí wọ́n tú sílẹ̀ náà dúró síbi tó wà. Àwọn tó wá ta tẹ́tẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà dìde lórí ìjókòó, wọ́n ń pariwo pé kí ẹnì kan gbá tẹlifíṣọ̀n náà létí, nítorí àwọn èèyàn wa gbà pé kò sí ẹ̀rọ tí ìgbátí kì í wò sàn.

Lẹ́yìn kántà, obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Káṣíà kò wo tẹlifíṣọ̀n. Kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ ló ń wò, ohun tó rí níbẹ̀ sì mú kí ara rẹ̀ bù máṣọ. Eré ti parí. Ajá kẹta, aláṣọ funfun, ló ṣe ipò kìíní, ẹ̀kẹfà ló tẹ̀ lé e. Ó tún gbé ojú sókè wo tẹlifíṣọ̀n. Ajá kẹta ló kẹ́yìn pátápátá níbẹ̀, kò tíì dé kọ́nà rárá.

Télọ̀, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, na tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí i láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Káṣíà fi í sábẹ́ iná ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní kó sanwó fún un.

"Àǹtí, ajá mi ṣì wà lẹ́yìn o," ni Télọ̀ wí, ó ń yí owó náà síwá sẹ́yìn lọ́wọ́. "Àbí ẹ̀yìnkùlé ló gbà?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Káṣíà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún méjì, ó mọ̀ pé ajá wọ̀nyí kì í ṣe ajá gidi, kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn tí kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, mímọ̀ wà, rírí wà. Ó ti máa ń rò ó, láìrò ó dénú, pé inú àwòrán yẹn náà ni wọ́n ti ń du eré ọ̀hún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Ẹnjiníà dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ilé-iṣẹ́ máa ń rán kiri láti tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Okùn nẹ́tíwọ̀kì kan ló ti jẹrà lẹ́yìn ògiri. Bó ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ ni Káṣíà bi í ní ìbéèrè.

"Àǹtí, kò sí ohun ìyanu níbẹ̀," ni Ẹnjiníà wí, ó fi eyín bó okùn. "Àwòrán ló dúró, eré ò dúró. Eré ti parí kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀."

"Báwo ni eré ṣe máa parí kó tó bẹ̀rẹ̀?"

"Tí àkókò títa bá ti pé, kọ̀ǹpútà àgbà tó wà ní olú ilé-iṣẹ́ á ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó tún lè ta. Ìgbà yẹn ló máa fa nọ́ńbà, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá di ojú, tẹ́ ẹ ki ọwọ́ bọ àpò, tẹ́ ẹ mú bébà kan jáde. Ajá tí owó tí wọ́n ń san lórí rẹ̀ kéré, bébà rẹ̀ pọ̀ nínú àpò. Ajá tí owó rẹ̀ pọ̀, bébà rẹ̀ ò tó nǹkan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ sì ti fi owó tí wọ́n ń san rẹlẹ̀ díẹ̀ sí iye tó yẹ kó jẹ́, ibẹ̀ ni èrè tiwọn wà, wọn ò nílò láti yan ẹnì kankan jẹ."

"Àwọn ajá ńkọ́?"

"Fíìmù ni. Wọ́n ti yà á sílẹ̀ tipẹ́, ó wà nípamọ́, ó lé díẹ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún. Tí nọ́ńbà bá ti jáde, ẹ̀rọ á wá fíìmù tó bá a mu, èyí tí ajá kẹta ti ṣáájú tí ẹ̀kẹfà tẹ̀ lé e, á gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n kí ẹ lè rí nǹkan fi pariwo."

Káṣíà tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n. "Èyí tí wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pé ajá yìí ti jẹ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra?"

"Ó jẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá gbogbo bébà padà sínú àpò. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta wáyé. Kò rẹ ajá náà, inú rẹ̀ ò dùn, kò sì sí ẹni tó ń tọ́ ọ."

Káṣíà wá bi í ní ìbéèrè tó jẹ ẹ́ lógún láti àná. "Ṣé èèyàn lè wo ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń jáde, kó mọ èyí tó máa jẹ?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. "Tó bá ti rí fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á mọ̀ dájú. Ojú á ti dá a mọ̀ kí ọkàn tó rántí. Ṣùgbọ́n kí ló máa fi ṣe? Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ta ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá mi," ni Káṣíà wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Kóòṣì. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn èèyàn ní eré sísá. Nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí ẹ sá kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sọ fún yín pé ìbàdí yín ti le lápá òsì, tàbí pé ẹ jókòó pẹ́ jù nínú ọkọ̀ láná. Àwọn dókítà ń rán èèyàn sí i. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀n bo ojú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi pamọ́, bí àwọn àgbàlagbà ṣe máa ń ṣe, títí tó fi ní kí ọmọkùnrin kan máa sáré lọ lórí iṣan tó ti ń ya. Iṣan náà já. Ọmọ náà ò sá eré mọ́, àwọn tó kù sì kó bàtà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò dágbére. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un, ó lè ka ìwé ìròyìn, ó lè rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ojú náà gbọ́ mọ́. Ògiri ló ń wò láti àárọ̀ dalẹ́.

Káṣíà ò lè máa fi í sílẹ̀ nílé kó máa bá ògiri ṣọ̀rẹ́. Ó mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi í sórí àga kan lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n kejì, láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́rin, lójoojúmọ́. Eré ajá kan ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ ṣírò iye rẹ̀ fúnra yín.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àwọn ajá á já jáde, wọn ò tíì sá ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin márùn-ún lọ, á ní, "Aláṣọ pupa." Aláṣọ pupa á sì jẹ. Ó kọ́kọ́ ń gbà á mẹ́fà nínú mẹ́wàá, ó di mẹ́jọ. Àwọn oníbàárà ń dìde fún un. Wọ́n ń ra omi tútù fún un. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó máa sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣí àpótí, kí wọ́n lè ta á, ó ní, "Ẹsẹ̀ tí kò tíì tẹlẹ̀, kí ni mo fẹ́ rí lára rẹ̀?" Kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé rẹ̀, kò fẹ́ ta á. Télọ̀ ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì ṣe àmín.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló sọ fún Káṣíà nínú ọkọ̀ pé, "Ojú mi ti padà." Ó ti pẹ́ gan-an tí Káṣíà ti rí i kó dunnú.

Ẹ wá sọ fún mi: lẹ́yìn tí Ẹnjiníà ti ṣàlàyé tán, ta ni nínú yín tí ì bá lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé fíìmù lásán ló há sórí? Káṣíà ò sọ ọ́. Ó ní kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ojú rí, ẹnu dákẹ́.

Oṣù mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Káṣíà bí, obìnrin, ó fẹ́ pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kóòṣì ló sọ ọ́ ní Ẹtu láti ìgbà tó ti ń rá kòrò, nítorí kì í jókòó síbì kan. Irinwó mítà ni eré tirẹ̀. Ní ọdún yẹn, wọ́n fẹ́ yan àwọn mẹ́rin tó máa lọ sí àgọ́ ìgbáradì ńlá, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa fi yàn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù sí ọjọ́ náà nígbà tí ojúgun ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìrora náà wà lójú kan tí ìka kan lè bò.

Dókítà ya fọ́tò egungun náà, ó gbé e sójú iná, ó fi bírò tọ́ka sí ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun. "Egungun yìí ti ń sán," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbọ́dọ̀ sáré. Tó bá sinmi, á dì. Tó bá sáré lé e lórí, ó lè dá sí méjì, ẹsẹ̀ tó bá sì dá bẹ́ẹ̀, mi ò lè ṣèlérí pé á tún sáré."

Ẹtu sunkún délé. Ó sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìrora náà lọ sílẹ̀, bí ìrora ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ tan èèyàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Kóòṣì dìde, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti wà nínú àpótí láti ọdún mẹ́ta wá, ó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí pápá. Ó ní kó sá ìdajì ọ̀nà. Ó ní kó tún un sá. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ mọ́," ló sọ. "Mò ń wò ó bí mo ṣe ń wo ọwọ́ ara mi yìí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Káṣíà gbọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n ń jẹun. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, fọ́tò ńkọ́?"

"Fọ́tò rí egungun tó sùn. Èmi rí egungun tó ń ṣiṣẹ́."

"Dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ìwọ náà ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yẹn lójoojúmọ́," ni Kóòṣì wí, kò bínú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. "Ṣé o ò rí ohun tí ojú mi ń ṣe ni? Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Mi ò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ogójì ọdún."

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí Káṣíà ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, fíìmù ni àwọn ajá yẹn o." Kóòṣì ní, "Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Ara ni mò ń wò." Ẹtu di ọwọ́ bàbá àgbà rẹ̀ mú lórí tábìlì, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Màmá, Bàbá ni mo gbà gbọ́." Káṣíà wo àwọn méjèèjì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti di ọwọ́ Kóòṣì mú bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó kó abọ́, ó lọ fọ̀ ọ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ò tíì wo egungun sàn rí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n sáré nígbà tí Ẹnjiníà tún dé. Ilé-iṣẹ́ ti ya fíìmù tuntun. Pápá náà tí wọ́n yà di òmíràn, koríko rẹ̀ tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ajá náà sì rọ̀ lára ju ti àtijọ́. Wọ́n pa gbogbo ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ó dára bí ajá gidi.

Kóòṣì jókòó sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n kejì. Àpótí ṣí. "Aláṣọ funfun," ló wí. Aláṣọ búlúù ló jẹ. Ó nu ojú rẹ̀. Àpótí tún ṣí. "Aláṣọ dúdú." Aláṣọ dúdú ló kẹ́yìn. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní òyìnbó ti yí ajá padà mọ́ Bàbá lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di aago méjì, yẹ̀yẹ́ ti tán. Ó sọ mẹ́rìndínlógún, méjì ló gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá kàn ń dárúkọ àwọ̀ láìwo ojú tẹlifíṣọ̀n, iye tó máa gbà nìyẹn, bóyá kó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Télọ̀ sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń sá fún àìsàn.

Ẹ̀rù ba Káṣíà. Kì í ṣe ẹ̀rù kékeré. Ó gbé páálí "A ti lọ jẹun" síwájú kántà, ó jáde, ó gbé àga kan sí ibi tí Télọ̀ ti kúrò, ó jókòó.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ti ba ajá yìí jẹ́," ni Kóòṣì wí. "Wọn ò sáré bó ṣe yẹ kí ajá sáré mọ́."

"Wọn ò sáré rí, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ló ń fa nọ́ńbà. Ẹni tó máa jẹ ti jẹ kí àpótí tó ṣí. Wọ́n á wá fíìmù tó bá a mu, wọ́n á gbé e síbẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ni fíìmù tẹ́lẹ̀. Ẹ ti rí ìkọ̀ọ̀kan wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ há wọn sórí láìmọ̀, bí èèyàn ṣe máa ń há orin sórí. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n pààrọ̀ wọn."

"Mo rí itan wọn. Mo rí bí èjìká wọn ṣe ń ṣí."

"Wọn ò ní itan. Wọn ò ní egungun, Bàbá. Ẹnì kan ló jókòó tó yà á, òun ló ní kí ẹsẹ̀ lọ báyìí, kí èjìká ṣí báyìí. Èyí tó máa jẹ àti èyí tó máa fìdí rẹmi, ara kan náà ni wọ́n ní. Kò sí nǹkan kan lára wọn tí ojú lè rí."

Lókè orí wọn, àpótí ṣí, àwọn ajá sá, ẹnì kan pariwo, àpótí tún ti. Kóòṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" ló bi í.

"Ó ti pé oṣù mẹ́rin."

Ó mi orí. Káṣíà rò pé ó máa bú òun, inú rẹ̀ ì bá dùn tó bá bú u. Kóòṣì ní, "Ṣé o ti sọ fún Ẹtu?"

"Rárá. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ sọ fún un. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò rí nǹkan kan lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó máa sáré."

Nígbà tí Kóòṣì dáhùn, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti di ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ eré sọ̀rọ̀ látijọ́. "Gbọ́ mi. Ẹsẹ̀ náà lè ti dì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi sinmi kì í ṣe kékeré, kò sì sọ pé ó ń dùn ún mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá sáré pẹ̀lú iyèméjì, á máa dá ẹsẹ̀ náà sí, á gbé e gba ọ̀nà òdì, ibẹ̀ ni egungun ti máa ń dá. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyẹn kì í ṣe fíìmù. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣẹ́ ẹ. Tá a bá sọ fún un nísinsìnyí, á ṣì lọ sáré náà, ìwọ mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé á sá a pẹ̀lú ẹ̀rù. Jẹ́ kó gbà pé ó mọ́."

"Bàbá, ẹ lè yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì rẹ̀."

"Kí n tún ba ti ọmọ kejì jẹ́?" ni Kóòṣì wí. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Tí mo bá yọ ọ́, tí ẹsẹ̀ náà sì ti dì ńkọ́?"

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Irọ́ tí kò bá ní òótọ́ nínú kì í rìn jìnnà. Káṣíà padà sẹ́yìn kántà, ó gbé páálí kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, ó ń rò ó bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń wẹ̀, bó ṣe ń fi owó sábẹ́ iná. Ó fẹ́ sọ ọ́, ó rántí ohun tí Kóòṣì sọ nípa iyèméjì. Ó fẹ́ dákẹ́, ó rántí ìlà tó tín-ín-rín bí irun. Ó wá dà bíi pé dídákẹ́ nìkan ló rọrùn láti ṣe, nítorí ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ náà pé, oòrùn sì mú. Àwọn èèyàn kún orí àtẹ̀gùn tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ. Káṣíà àti Kóòṣì dúró nídìí irin tó yí pápá ká, ní ọ̀kánkán ibi tí eré ti máa parí. Kóòṣì di irin náà mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ẹtu sáré wá bá wọn kí wọ́n tó pè wọ́n. Ó ti wọ bàtà onírin rẹ̀, ó ti fi okùn di irun rẹ̀ sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá àgbà rẹ̀. Kóòṣì gbé ọwọ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n ó yí ojú sápá kejì, ó ní oòrùn ń wọ òun lójú.

Ẹtu dìde, ó wo ìyá rẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀ ọmọ. "Màmá, kí ló dé tí Bàbá ò wò mí?"

"Oòrùn ni."

"Kí ni wọ́n sọ nípa ẹsẹ̀ mi? Wọn ò tíì sọ nǹkan kan láti ìjẹta. Ẹ sọ òótọ́ fún mi." Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ta mí díẹ̀ láàárọ̀ yìí nígbà tí mò ń na ara. Díẹ̀ báyìí. Tí Bàbá bá ní kò mọ́, mi ò ní sá a. Mo búra fún yín, mi ò ní sá a. Kí ni wọ́n sọ?"

Gbogbo ohun tí Kóòṣì sọ pé kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, irọ́ ni, ọmọ náà ló dúró síwájú Káṣíà yìí tó ń ní kí wọ́n dá òun dúró. Kóòṣì ò yí ojú padà. Ẹnì kan fọn fèrè láti inú pápá, wọ́n ń pe orúkọ. Káṣíà wá rò ó pé iyèméjì ti wọ ọmọ náà lára tán, pé tó bá tún ti gbọ́ ohun kan pẹ́nrẹ́n báyìí, á gbé ẹsẹ̀ náà gba ọ̀nà òdì. Ó ti dákẹ́ pẹ́ jù, ẹnu rẹ̀ ò mọ ọ̀nà mìíràn mọ́.

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ mọ́," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Ìmí tí Ẹtu mí sílẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló fi mí i. Ó sáré lọ.

Ìlà karùn-ún ni wọ́n fi í sí. Ìbọn dún. Ó jáde bí ẹni tí kò ní wàhálà kankan láyé, ó kọjá ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó jáde nínú kọ́nà àkọ́kọ́, àwọn èèyàn dìde lórí àtẹ̀gùn. Káṣíà náà pariwo. Fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó gbà á gbọ́ fúnra rẹ̀ pé ẹsẹ̀ náà mọ́. Ní ìdajì kọ́nà kejì, ní òdìkejì pápá, Ẹtu gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀, kò sì gbé e sókè mọ́. Ó ṣubú síwájú, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fò ó kọjá. Ariwo àwọn èèyàn gé lójijì.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Kóòṣì ń bi í, ó ń fa apá rẹ̀. "Sọ fún mi, ọ̀hún jìnnà jù, mi ò rí i. Ṣé òun ni? Ṣé òun ni?"

Káṣíà ti gun irin náà kọjá, ó ti ń sáré lórí pápá pẹ̀lú bàtà ilé.

Ẹsẹ̀ náà ti tẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kì í ti í tẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ yẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì ti fi pákó dè é, wọ́n fẹ́ gbé e sórí ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Ẹtu ò sunkún. Ojú rẹ̀ ti ṣá, ètè rẹ̀ gbẹ. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá ò lè wò mí lójú," ló wí. "Mo rí i. Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà. Nítorí náà ni mo fi wá bi yín."

"Ọmọ mi, má sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ wò mí lójú, Màmá. Torí pé ẹ wò mí lójú ni mo ṣe sá a."

Wọ́n gbé e sókè sínú ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Káṣíà fẹ́ máa bá a lọ, ṣùgbọ́n Ẹtu ti tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì jọ̀ọ́, kó bá òun ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.